Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ dúró pa: kí ni ọmọ lè ṣe nínú ìdánwò ọ́bújẹ́ẹ́tìfù?

Ìyá Dáre (Ìwó)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi fẹ́ ṣe JAMB lọ́dún yìí, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Sátidé tó kọjá ló lọ ṣe mọ́ọ̀kì ní sẹ́ńtà kan. Nígbà tó délé, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó wọ yàrá lọ. Alẹ́ ni mo tó rí ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun jókòó, ìbéèrè jáde, gbogbo rẹ̀ sì dúró pa. Aago ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn lókè, òun ń wò ó. Ìbéèrè 41 péré ló dáhùn nínú 180. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní Kẹ́mísìrì nílé! Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe jáde nínú rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀fà

Pẹ̀lẹ́ mà. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lọ́dún tí mo ṣe tèmi. Ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó má sì tẹ kíbọ́ọ̀dù káàkiri. Kó nawọ́ sókè kí àwọn tó ń bójú tó ìdánwò rí i. Ti èmi, wọ́n gbé mi lọ síwájú kọ̀ǹpútà mìíràn, mo wọlé padà, gbogbo ìdáhùn tí mo ti mú ló ṣì wà níbẹ̀, àkókò tó kù fún mi náà kò sì dín. Àwọn tó máa ń há sínú wàhálà ni àwọn tó bá ń dákẹ́ jókòó.

Ìyá Dáre (Ìwó)

Ẹ ṣeun o, àbúrò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ ló dúró. Ọmọ ni.

Ọmọ Ọ̀fà

Háà. Ẹ má bínú mà. "Gbogbo rẹ̀ dúró pa" yẹn ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ tẹnu àwọn àgbà.

Sùnmọ́nù Láìfi Ṣeré

Ẹ jẹ́ kó máa mú C. Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tí orí bá dàrú, kó mú C lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí pé C ni àwọn tó ń ṣètò ìbéèrè máa ń fi ìdáhùn pamọ́ sí jù. Kò gbọdọ̀ fi ìkankan sílẹ̀ lófìfo, JAMB kì í yọ máàkì ẹni tó bá kùnà. Èyí tó bá sì ti mú, kó má padà síbẹ̀ mọ́, ohun tó bá kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ló máa ń jẹ́ òótọ́.

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Bọ̀dá Sùnmọ́nù, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Òótọ́ ni pé JAMB kì í yọ máàkì, nítorí náà kò sí ìdí tí ọmọ á fi jáde síta pẹ̀lú àlàfo. Ọ̀rọ̀ C yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin, ìbáà mú A, ìbáà mú D. Tó bá lè fa ìdáhùn méjì tó dájú pé kì í ṣe òun sọnù, ó di ọ̀kan nínú méjì. Ibẹ̀ ni máàkì wà. Ọ̀rọ̀ àìpadà sẹ́yìn, mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ìyá Dáre, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ tùtóríà kan, ẹ jẹ́ ká máa pe ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ ohun tó ṣe ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú nítorí pé ètò tí a fi ń ṣe mọ́ọ̀kì wa máa ń kọ gbogbo títẹ̀ sílẹ̀: ìbéèrè tí ọmọ ṣí, ìgbà tó ṣí i, lẹ́tà tó mú. Èyí tí kọ̀ǹpútà kò lè kọ, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, nítorí náà Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ló so mọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ní ìbéèrè 60, àwọn mẹ́ta yòókù ní 40-40, wákàtí méjì ni wọ́n fún gbogbo rẹ̀. Ẹ pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ jáde, àyọkà gígùn ló sì wà lókè. Ó kà á. Nígbà tó fi dé ìparí, kò rántí ohun tí ìbẹ̀rẹ̀ sọ. Ó tún un kà. Ó ní òun ń rí àwọn ọ̀rọ̀ náà, wọn ò kàn so mọ́ra wọn ni. Ọmọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù kíkankíkan, gbogbo títẹ̀ yẹn sì ń wọ Àbẹ̀kẹ́ létí bíi pé ọmọ náà ti ń parí lọ. (Mo yẹ àkọsílẹ̀ ọmọkùnrin náà wò lẹ́yìn ìdánwò. Lẹ́tà N, tí wọ́n fi ń lọ sí ìbéèrè tó kàn, ló ń tẹ̀. Ó kàn ń ṣí ìbéèrè wò láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni, kò tíì dáhùn ju mẹ́rin lọ.) Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ tutù. Ó lọ sí ìbéèrè kejì, ó padà sí àkọ́kọ́, ó tún lọ sí ìkẹta, ó tún padà. Ìṣẹ́jú 12 kọjá, kò mú lẹ́tà kankan.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ìṣẹ́jú 108 ló kù fún ìbéèrè 180. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ti di 36. Òun náà ṣe ìṣirò yẹn lọ́kàn rẹ̀, ó ní ìṣirò yẹn ló fẹ́ẹ̀ pa òun tán.

Ohun tó yọ ọ́ kì í ṣe ọgbọ́n, ó kàn fẹ́ kí àyọkà yẹn kúrò lójú òun ni. Ó tẹ Bàọ́lọ́jì lókè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó rí níbẹ̀ ni irú ẹ̀jẹ̀ wo ni a lè fún gbogbo èèyàn. Kí ojú rẹ̀ tó dé orí A, ó ti mọ̀ pé O ni. Ó mú un. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí nọ́ńbà àwọn ìbéèrè tò sí, nọ́ńbà 1 yí àwọ̀ padà. Ó ní òun wo àwọ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ìkejì náà, ó mọ̀ ọ́n. Ìkẹta jẹ́ ìbéèrè jíìnì, a máa ya àpótí, a máa ka àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe kí wọ́n bí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́kàn, ó sì rí i pé ọpọlọ òun tún fẹ́ dúró. Ó tẹ N, ó kọjá.

Láti ibẹ̀ ni òfin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè tí òun bá mọ ìdáhùn rẹ̀ kí òun tó wo A sí D, kí òun mú un. Èyí tó bá ní kí òun ṣírò, tàbí kí òun tún un kà lẹ́ẹ̀kejì, N. Kò bá ara rẹ̀ jà lórí rẹ̀, kò sọ pé "ṣebí mo ti ka èyí".

Ó mú 26 nínú Bàọ́lọ́jì láàárín ìṣẹ́jú 11. Ó padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò lọ síbi àyọkà. Ìsàlẹ̀ ló lọ, níbi ọ̀rọ̀ tó jọra, ọ̀rọ̀ tó tako ara wọn àti ti ìró ohùn, ó sì mú 30 láàárín ìṣẹ́jú 12. Kẹ́mísìrì, 18, ìṣẹ́jú 12. Físíìsì tèmi, 14 péré, ìṣẹ́jú 11. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìbéèrè 88, ìṣẹ́jú 46. Ìṣẹ́jú 62 ló kù fún ìbéèrè 92. Tí ẹ bá pín ìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló tún kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé.

Ẹ ò rí i? Ìṣẹ́jú 12 tó sọnù ti padà wọlé. Kò sáré. Àwọn ìbéèrè tó rọrùn kàn gba àkókò tó kéré ju ìpín tiwọn lọ, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó le.

Ìgbà yẹn ló tó padà sórí àyọkà. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ kà, ó wá wọ inú àyọkà lọ wá ìdáhùn wọn. Ó ní àyọkà náà kò le rárá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́sàn-án ló ṣì wà lófìfo, ó mú lẹ́tà sí gbogbo wọn.

Ó gba 238. Mọ́ọ̀kì tó ṣe ṣáájú, 244 ló gbà. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé oògùn ni. Kò gbé máàkì rẹ̀ ga sí i. Ó kàn jẹ́ kó gba ohun tó mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un, torí àwọn òbí kan máa ń rò pé ọmọ kò kàwé ni.

Tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á tú àdìrẹ́náálì jáde, ọkàn á máa lù kìkì, ọwọ́ á tutù, ẹnu á gbẹ. Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń dá ọmọ dúró. A ní ibì kékeré kan nínú ọpọlọ tí a fi ń di nǹkan mú fún ìgbà díẹ̀: gbólóhùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, nọ́ńbà tí a ń gbé láti ìlà kan sí èkejì. Kò gba nǹkan púpọ̀. Tí "mo ti kú, kí ni màmá mi máa sọ" bá ti jókòó síbẹ̀, àyè ò sí fún nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ wá wo ìbéèrè tí Àbẹ̀kẹ́ há sí. Àyọkà: ó gbọ́dọ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ mú títí tó fi dé ìparí. Jíìnì: ó gbọ́dọ̀ ya àpótí lọ́kàn. Èyí tó jáde wẹ́rẹ́ ni irú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́, tí kò nílò ibi kékeré yẹn rárá. Nítorí náà, tí Tíṣà bá ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé èyí tí ìlà rẹ̀ kúrú ni. Ìbéèrè ìṣirò lè kúrú gan-an. Èyí tí wọ́n kàn ń béèrè ohun tó mọ̀ ni kó wá, kì í ṣe èyí tó máa ṣe.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, kó mí. Kó fà á sínú bó ṣe ń ka 4, kó tú u síta bó ṣe ń ka 6 tàbí 8. Títú síta ni kó gùn ju fífà sínú lọ, òun ló ń mú kí ọkàn rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà tó, kò tó ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀.

Tó bá jẹ́ pé ó ń dákú, tàbí àyà ń já a báyìí níbi tí kò sí ìdánwò, ẹ gbé e lọ rí dókítà. Ìyẹn ti kọjá ohun tí a ń sọ níbí.

Ìyá Dáre (Ìwó)

Ẹnu yà mí. Torí ohun tó sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, pé òun ń ka àyọkà, kò wọlé. Mo ti bá a wí o, mo ní ṣé fóònù ló gbé sọ́kàn ni.

Àkàndé WAEC

Mo gbà pẹ̀lú Tíṣà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ́bújẹ́ẹ́tìfù wà. WAEC orí ìwé ńkọ́? Èmi ni mo máa ń dúró ti àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn, ohun tí mo sì rí ju lọ láàárín àwọn tó ń fo ìbéèrè nìyí: ọmọ fo ìbéèrè 7, ó ka ìbéèrè 8, ó lọ kun ìdáhùn 8 sí ìlà 7 lórí ìwé ìdáhùn. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan yẹ̀. Ó mọ ìdáhùn, ó kùn ún síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìgbà tó dé 50 ló tó rí i pé ìlà kan ṣẹ́kù, nígbà náà gbọ̀ngàn ti ń kígbe "ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù".

Kọ̀ǹpútà kò lè jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀, torí ìdáhùn so mọ́ ìbéèrè. Lórí ìwé, ọmọ gbọ́dọ̀ fi ìka òsì sórí nọ́ńbà ìbéèrè, kó fi ẹnu pe nọ́ńbà náà láìpariwo, kó tó kun ìlà rẹ̀. Èyí tó bá fò, kó yí nọ́ńbà rẹ̀ po lórí ìwé ìbéèrè. Tó bá ti di ìbéèrè 10, 20, 30, kó dúró wò ó bóyá nọ́ńbà méjèèjì bára mu. Tí ó bá ti yẹ̀, kó rí i nígbà tó ṣì kéré. Kó sì mú rọ́bà tó ń pa nǹkan rẹ́ dáadáa dání, torí èyí tí kò bá parẹ́ tán, ẹ̀rọ lè kà á sí ìdáhùn méjì.

Ọmọ Ìṣirò (Àkúrẹ́)

Èmi ò fara mọ́ ọn pátápátá o. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó le. Nígbà tí orí ṣì tutù, tí ó rẹ̀ mí díẹ̀ péré, mo máa ń ṣe ìṣirò 15 tó le jù, mo á wá fi ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán parí rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí ọmọ jẹ gbogbo ẹran kó tó jẹ iyán, tó bá kan iyán yóò ti yó. Ìṣẹ́jú 62 tó kù fún Àbẹ̀kẹ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè líle. Ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn.

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ. Mo ní àwọn ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó ń ṣe é: ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tó lè fi ìbéèrè líle sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì tí kò bá jáde. Ẹni tó ti dúró pa kò lè fi í sílẹ̀. Ó máa rò pé tí òun bá fi í sílẹ̀, òun ti fìdí rẹmi. Fún ẹni tí orí rẹ̀ tutù, mi ò ní bá yín jà.

Ọmọ Ìṣirò (Àkúrẹ́)

Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà pé òun ni ẹni tí orí rẹ̀ tutù, tàbí òun ni ẹni tó máa dúró?

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Kò ní mọ̀. Ohun tí mo ń ní kí wọ́n máa wò ni ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún bá lọ tí kò tíì mú lẹ́tà mẹ́ta, ó ti dúró nìyẹn, bó tilẹ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń ronú. Kó kúrò níbẹ̀, kó lọ sí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn jù.

Lórí àìpadà sẹ́yìn tí Bọ̀dá Sùnmọ́nù sọ: àwọn tó ṣèwádìí lórí rẹ̀ ti fi ìwé ìdáhùn tí àwọn ọmọ pa rẹ́ wò ó, wọ́n sì rí i pé àwọn tó kúrò lórí èyí tó kùnà bọ́ sórí èyí tó tọ̀nà pọ̀ ju àwọn tó ṣe òdìkejì rẹ̀ lọ. Èyí tó bà wá nínú jẹ́ la máa ń rántí, "mo ti mú un, mo wá yí i padà". Nítorí náà, tó bá rí ìdí kan pàtó nígbà tó padà dé, kó yí i. Tí ó bá jẹ́ pé àyà rẹ̀ ló kàn ń já, kó fi í sílẹ̀.

Sùnmọ́nù Láìfi Ṣeré

Mo gbọ́. Mo fi C sílẹ̀, ẹ fún mi ní D.

Ìyá Dáre (Ìwó)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti dán an wò nílé. Mo gba ìbéèrè ọdún tó ti kọjá lọ́wọ́ ọmọ àbúrò mi, mo tan aago. Bàọ́lọ́jì dára, ó mú 24 ní wàràwàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé Físíìsì, N, N, N, N. Nínú 40, mẹ́fà ló dáhùn, ó fo 34! Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kí òun fo èyí tí kò bá rọrùn. Ó wá padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún ń fò wọ́n lọ. Ó ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá ilé tí kò mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ó ti di àìsàn mìíràn nìyẹn, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìyípo àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi ń fo nǹkan ní fàlàlà. Ní ìyípo kejì, kò sí fífò láìṣe nǹkan kan: ó gbọ́dọ̀ fa ó kéré tán ìdáhùn kan sọnù nínú mẹ́rin, tàbí kó kọ fọ́múlà tó rò pé ó wà níbẹ̀, kó tó kọjá. Bí àpẹẹrẹ, wọ́n ní ọkọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdúró, ó ń yára sí i ní 2 m/s² fún ìṣẹ́jú àáyá 5, báwo ló ṣe rìn jìnnà tó. Ó lè má rántí fọ́múlà. Ṣùgbọ́n ó lè mọ̀ pé ìyára rẹ̀ ní ìparí jẹ́ 10 m/s, pé láti òdo dé 10, ìdajì rẹ̀ ni 5, 5 lọ́nà 5 sì jẹ́ 25. Kò rọrùn lójú ìyípo àkọ́kọ́, kò tó ìṣẹ́jú kan ní ìyípo kejì.

Mo sì ní láti sọ èyí fún yín láìfi bò. Tó bá fo 34 nínú 40 nílé, níbi tí kò sí ẹni tó ń dẹ́rù bà á, ẹ̀rù kọ́ nìyẹn. Kò mọ Físíìsì náà tó. Bíbẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn kò lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Kó gbé ìwé. Ẹ ní kó fi ẹ̀kọ́ nípa ìrìn nǹkan, iná mànàmáná àti ìgbì bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Lábísí

Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè. Èyí tí ọmọ bá mọ̀ díẹ̀ ńkọ́, tó ku ìdáhùn méjì fún un? Ṣé kó mú ọ̀kan kó máa lọ, àbí kó fi í sílẹ̀ lófìfo kó lè padà rí i? Torí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tí a ti dáhùn àti èyí tí a kò tíì dáhùn nìkan ló ń fi hàn. Tí a bá ti mú un, kò sí ohun tó máa rán wa létí pé kò dá wa lójú.

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Kó fi í sílẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́, kó mú un ní ìkejì.

Àkàndé WAEC

Èmi á ní kó mú un lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mélòó ni mo ti rí tí àkókò pa, tí ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ padà sí kò rí ìpadàbọ̀. Ìdáhùn tó ṣeé ṣe kó tọ̀nà sàn ju òfìfo lọ.

Tíṣà Físíìsì (Ògbómọ̀ṣọ́)

Lórí ìwé, ẹ lè yí nọ́ńbà po kí ẹ sì kun ìdáhùn papọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wàhálà náà wà. Àwa méjèèjì kò ní fẹnu kò lórí èyí, Àǹtí Lábísí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dán méjèèjì wò nínú mọ́ọ̀kì méjì, kó wo èyí tó mú àlàfo kéré wá.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé gbogbo wa pé ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ìdánwò. Ẹ wo NCLEX tí àwa nọ́ọ̀sì ń ṣe láti gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò lè fo ìbéèrè, ẹ ò sì lè padà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń yan ìbéèrè tó kàn: tí ẹ bá ṣe é dáadáa, ó ń gbé èyí tó le sí i wá. Iye ìbéèrè kò dọ́gba fún gbogbo èèyàn, ó lè jẹ́ 85, ó lè dé 150, láàárín wákàtí márùn-ún. Nígbà tí mo ń ṣe tèmi, mo dé ibì kan tí gbogbo ìbéèrè le bí òkúta, mo ti fẹ́ máa sunkún. Ọ̀rẹ́ mi tó ti ṣe é ṣáájú ló ti kìlọ̀ fún mi pé líle rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé mo ń kùnà. Níbẹ̀, kò sí ìbéèrè tó rọrùn tí ẹ lè sá lọ bá. Ẹ mí, ẹ fa méjì sọnù, ẹ mú ọ̀kan nínú méjì tó kù, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọmọ tó wọlé, kó mọ irú èyí tó ń lọ ṣe: ṣé wọ́n máa jẹ́ kó padà, ṣé wọ́n ń yọ máàkì. JAMB ń jẹ́ kéèyàn padà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń ṣe ìdánwò tiwọn lẹ́yìn JAMB, oníkálukú ló ní òfin tirẹ̀, kó ka ìlànà wọn.

Ọmọ Ọ̀fà

Èmi tí mo ṣì í gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan san án padà. Kó jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù mọ́ ọn lára: A, B, C, D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn. Tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, máòsì máa ń sá kúrò lórí àmì kékeré yẹn, ó lè mú ìdáhùn tí kò fẹ́. Kó sì ṣọ́ra fún S, ìyẹn ni ti fífi ìdánwò sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa béèrè bóyá ó dá a lójú kó tó gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ̀n kì í fara balẹ̀ ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìyá Dáre (Ìwó)

Ó ń ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn mi níbí báyìí, ó ní kí n kí Nọ́ọ̀sì àti Tíṣà. Mọ́ọ̀kì mìíràn wà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní Bàọ́lọ́jì lòun máa kọ́kọ́ ṣí, kí Gẹ̀ẹ́sì tó rí ojú òun.

Ọmọ Ìṣirò (Àkúrẹ́)

Kó ṣí Físíìsì.